Áàpù Ti Lọ, Owó Ṣì Ń Lọ

Bí èèyàn bá rí i pé áàpù kan ń jẹ owó orí fóònù òun, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó yọ áàpù náà dànù. Á tẹ àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ìgbà tó bá tún ra káàdì, owó á tún dín. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan ọmọ pé ó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ níkọ̀kọ̀, mo sì ti rí ẹni tó ra fóònù tuntun torí ọ̀rọ̀ yìí, tó fi síìmù kan náà sínú rẹ̀, tí owó sì ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ tí a ń fi owó orí fóònù san kì í gbé inú áàpù. Inú ìwé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló wà, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n sì fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń dá àjọ, tó wá fa káàdì àjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ya, orúkọ rẹ̀ ò tíì kúrò nínú ìwé alájọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti áàpù. Ohun tó wà lójú fóònù kàn ń fi eré, orin tàbí ìròyìn hàn wá ni. Ẹ̀rọ tó ń gba owó wà níbòmíràn, kò sì mọ̀ bóyá áàpù náà ṣì wà lórí fóònù tàbí kò sí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Fóònù rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ àbígbẹ̀yìn fi ń ṣeré lálẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìpolówó kan já lu eré tí ọmọ náà ń ṣe. Áàpù ìbéèrè àti ìdáhùn ni, wọ́n sì ṣèlérí pé ẹni tó bá gba máàkì jù yóò gba ẹ̀bùn. Ọmọ tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan tó tóbi. Ojú ìwé mìíràn ṣí, bọ́tìnì mìíràn wà níbẹ̀, ó tún tẹ ìyẹn. Abẹ́ bọ́tìnì kejì yìí ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà aláwọ̀ eérú wínníwínní lórí funfun, pé ₦100 ni lọ́sẹ̀, àti pé yóò máa tún ara rẹ̀ san. Wọn ò bi ọmọ náà ní nọ́ńbà fóònù. Wọn ò béèrè káàdì báńkì. Síbẹ̀, kó tó gbé fóònù sílẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé pé wọ́n ti forúkọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti rí nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Bí a bá ń fi dátà wo ojú ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì wa ni ìbéèrè wa ń gbà kọjá, nẹ́tíwọ̀kì sì mọ síìmù tí ìbéèrè náà ti wá. Fún àwọn ojú ìwé tí wọ́n jọ ń ṣòwò, nẹ́tíwọ̀kì lè lẹ nọ́ńbà fóònù mọ́ ìbéèrè yẹn bó ṣe ń kọjá lọ, kí ojú ìwé náà lè mọ ẹni tó wọlé láìjẹ́ pé ẹni náà tẹ ohunkóhun. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí ojú ìwé kan náà lórí wáìfáì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà fóònù, yóò sì fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ kó lè dá wa lójú pé àwa ni. Lórí wáìfáì, nẹ́tíwọ̀kì síìmù wa ò sí láàárín láti bá wọn lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ọmọ ń lo fóònù yín, ó dáa kó máa fi wáìfáì ṣeré, tàbí kí ẹ pa dátà kí ẹ tó gbé e fún un.

Láti ìgbà tí ọmọ ti tẹ bọ́tìnì yẹn, ọwọ́ mẹ́ta ló ti wọ inú ₦100 náà. Ẹni tó ni áàpù wà níbẹ̀. Alágbàtà wà níbẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà kúkúrú oníye mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbà wọlé, tó sì so áàpù pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì. Nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń yọ owó, tó sì ń pín in fún àwọn yòókù. Bí a bá ṣí áàpù, ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ alágbàtà ni pé: ṣé nọ́ńbà yìí ṣì ń san owó? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, á ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á ní ká lọ sanwó. Ọ̀nà wà tí áàpù lè gbà sọ fún ẹ̀rọ alágbàtà pé ẹni yìí ò ṣe mọ́, àmọ́ ẹni tó kọ áàpù ló máa pinnu bóyá òun á fi bọ́tìnì rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fi síbẹ̀. Owó ni ìdí, èmi ò sì rí ìdí mìíràn tó tẹ̀wọ̀n. Ẹni tó lè fi bọ́tìnì méjì gba owó lọ́wọ́ ọmọ kékeré lè fi bọ́tìnì kan dá a dúró bó bá wù ú.

Bí ẹ bá wá pe ẹni tó ni áàpù, á ní nẹ́tíwọ̀kì ló ń yọ owó. Bí ẹ bá pe nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni iṣẹ́ náà. Alágbàtà tó wà láàárín, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ débi tí yóò pè é.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi le ni bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń yọ owó. Bí ọjọ́ ìsanwó bá pé tí owó ò sí lórí fóònù, ẹ̀rọ ò ní fi í sílẹ̀. Yóò máa gbìyànjú, yóò sì rí owó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí èèyàn bá ti ra káàdì. Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ₦100 ò bá sí, wọ́n á gbìyànjú ₦50, bí ìyẹn náà ò bá sí, wọ́n á mú ₦20, wọ́n á sì fún èèyàn ní ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ra káàdì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á ra ₦200 láti fi pe oníbàárà kan l'Óṣogbo, kó tó sọ̀rọ̀ iye ìgàn aṣọ tán, ìlà á já. Ó gbà pé oníbàárà yẹn ló ń pa ìlà mọ́ òun létí, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ di ìjà láàárín wọn kí a tó wò ó dáadáa.

Wíwò ó dáadáa yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí kì í ṣe gbogbo owó tó bá lọ lórí fóònù ni áàpù mú lọ. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ owó níkọ̀kọ̀, àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Bí dátà tí a rà bá tán tí a ò mọ̀, fóònù yóò máa fi owó tó wà nílẹ̀ ra dátà díẹ̀díẹ̀, iye tó ń lọ yóò sì máa rí jákujàku, bíi ₦13 àti kọ́bọ̀ díẹ̀, tàbí ₦37 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Bí a bá pa dátà, á dúró. Bí a bá ti yá káàdì lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á yọ gbèsè wọn tí a bá ra káàdì, àtẹ̀jíṣẹ́ á sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí nígbà tí gbèsè bá tán. Ìforúkọsílẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ní kọ́bọ̀ nídìí. Iye kan náà ló máa ń lọ, bíi ₦20, ₦50 tàbí ₦100, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tàbí lójoojúmọ́, pípa dátà ò sì dí i lọ́wọ́.

Ohun tí a ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ò nira. A ra ₦500, a tẹ *310# láti wo iye tó wà, a sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó fi ń ṣe ìṣirò ọjà. ₦400 ló kù. A pa dátà, a fi fóònù sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì láìpe ẹnikẹ́ni, a tún wò ó. ₦400 náà ló ṣì wà. Kò sí gbèsè kankan lórí fóònù rẹ̀, nítorí náà ₦100 tó lọ ní gẹ́rẹ́ tí a ra káàdì kì í ṣe dátà, kì í sì í ṣe owó yíyá. A wá lọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpolówó ti bo gbogbo rẹ̀, àmọ́ a rí i: nọ́ńbà kúkúrú kan náà ti kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé wọ́n ti tún ìforúkọsílẹ̀ ṣe fún ọjọ́ méje. Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá wà, pé ẹni tí kò bá ṣe mọ́, kó fi ọ̀rọ̀ báyìí ránṣẹ́ sí nọ́ńbà báyìí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìgbà mìíràn, STOP nìkan ni. Ìgbà mìíràn, STOP àti orúkọ iṣẹ́ náà ni, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Alágbàtà kan lè ní iṣẹ́ púpọ̀ lórí nọ́ńbà kúkúrú kan ṣoṣo, bí èèyàn bá sì kọ STOP lásán, ẹ̀rọ lè dáhùn pé òun ò mọ iṣẹ́ tó ń sọ, tàbí kó má tilẹ̀ dáhùn rárá. Ẹ má gbà pé ó ti parí títí ìdáhùn yóò fi wọlé pé wọ́n ti yọ nọ́ńbà yín. Kí ẹ sì ya fọ́tò ojú fóònù nígbà tí ìdáhùn náà bá wọlé, nítorí òun ni ẹ̀rí yín bí owó bá tún lọ.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá ti parẹ́, ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2023, NCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ní kí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì máa lo kóòdù kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Níbẹ̀ ni *310# tí a fi ń wo owó ti wá. Nínú àwọn kóòdù yẹn, 305 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídá iṣẹ́ dúró, 300 sì ni fún kọ́sítọ́mà kíà. Ẹ tẹ *305# kí ẹ ka ohun tó bá jáde fara balẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì yín ṣe tò ó lè yàtọ̀ sí ti aládùúgbò yín. Ibi tí ẹ ń wá ni ibi tí wọ́n ti to gbogbo iṣẹ́ tí nọ́ńbà yín forúkọ sí. Ohun tí èèyàn máa ń rí níbẹ̀ máa ń yà á lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi bá orin ìpè kan tí kò rántí, àti ọ̀rọ̀ ìṣítí ojoojúmọ́ kan tó jẹ́ pé ojú ìwé tó máa ń ṣàdédé yọ lójú fóònù ló tẹ "OK" lé lórí, torí ó rò pé bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ nìyẹn.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí yẹra fún. Wọ́n máa ń sọ fún èèyàn pé kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Kóòdù tòótọ́ ni, NCC ló sì ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀, àmọ́ ìpolówó tí a ò béèrè ni wọ́n ṣe é láti dí lọ́nà. Kò yọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìforúkọsílẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá lo 2442 tó sì lọ jókòó, ariwo ìpolówó lè dín kù lórí fóònù rẹ̀, àmọ́ owó á ṣì máa lọ.

Ọ̀nà kan wà tó dà bí èyí, tó sì jẹ́ pé ibòmíràn ni a ti ń yanjú rẹ̀. Google náà gbà kí èèyàn fi owó orí fóònù san owó áàpù lórí àwọn nẹ́tíwọ̀kì kan. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ Google ni ìforúkọsílẹ̀ wà, nẹ́tíwọ̀kì kàn ń bá wọn gbowó ni. *305# kò ní rí i. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé Google máa ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín nígbàkigbà tó bá gbowó. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán orí yín lókè, ẹ wọ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`, ẹ ó sì rí i níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì tí a fi ń dá a dúró. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù ò fòpin sí ti ọ̀dọ̀ Google náà.

Ti dátà náà tún wà. Àwọn dátà kan máa ń bá áàpù fíìmù tàbí orin rìn, bí èèyàn bá sì rà á, ó lè ti gbà láìmọ̀ pé kó máa tún ara rẹ̀ rà. Nínú áàpù fíìmù yẹn, kò sí ohun tí ẹ máa rí láti dá dúró, nítorí dátà ni ẹ rà. *312#, níbi tí wọ́n ti ń ra dátà, ni ẹ ó ti wá ibi tí wọ́n ti ń pa àtúnrà náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ₦100 ẹ̀gbọ́n mi. A fi STOP àti orúkọ iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ìdáhùn wọlé, ó dúró. Ṣùgbọ́n owó tó ti lọ ńkọ́? A pe 300. Ọmọbìnrin tó gbé e ṣèlérí pé òun á bá wa yọ gbogbo ìforúkọsílẹ̀ tó kù, ó sì ṣe é lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a béèrè owó, ó ní oníbàárà ló forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bínú, tí wọ́n á sì pa fóònù. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ bi wọ́n, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: ọjọ́ wo ni wọ́n forúkọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀, aago mélòó, ọ̀nà wo ló sì gbà wọlé? Nínú ẹ̀rọ wọn, a máa ń kọ ọ̀nà tí ìforúkọsílẹ̀ gbà wọlé, bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ ni, bóyá kóòdù ni, bóyá ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ó yẹ kí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ wà. Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé, ẹ béèrè bóyá wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ tí oníbàárà sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ojú ìwé ni, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà àṣírí kankan lákọsílẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin náà yí padà. Ó fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, ó sì ní kí a fún àwọn ní ọjọ́ díẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2018, NCC pàṣẹ fún àwọn nẹ́tíwọ̀kì pé wọn ò gbọdọ̀ fipá forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún dátà tàbí iṣẹ́ àfikún, wọn ò sì gbọdọ̀ máa tún dátà rà fún ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́tìnì tí ọmọ tẹ̀, gbígbà ni wọ́n ń kà á sí. Ojú tèmi ni pé ẹni tí kò tẹ nọ́ńbà rẹ̀, tí kò sì fi nọ́ńbà àṣírí jẹ́rìí, kò tíì gbà sí ohunkóhun, ó sì yẹ kí NCC sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ó tún yẹ kí wọ́n pàṣẹ pé ibi tí èèyàn ti lè forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni kó ti lè kúrò, pẹ̀lú bọ́tìnì tó tóbi tó ti àkọ́kọ́.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dá yín lóhùn lọ́nà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí wọn ò dáhùn, NCC ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 622, tí a fi ń gbé ẹ̀sùn lọ bá wọn. Ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ lọ, wọ́n á sì bi yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún yín lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá pe 300 tí kò gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, àfi kó tún ìpè náà pè. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò dé 622. Nẹ́tíwọ̀kì dá owó oṣù tó kọjá padà sórí fóònù rẹ̀. Ti àwọn oṣù tó ṣáájú, wọn ò dá a padà, wọ́n ní àwọn ti pín in.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ti ṣe gbogbo èyí, tó ti rí ìdáhùn pé wọ́n ti yọ òun, á tún rí i lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé wọ́n tún ti forúkọ nọ́ńbà òun sílẹ̀, fún iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, tí kò sí ọmọ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ fura sí áàpù kan tó wà nínú fóònù yín. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì kọ fún iṣẹ́ ibi yìí, èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Joker. Ó lè pa wáìfáì fúnra rẹ̀ kí fóònù lè padà sórí dátà, kó ṣí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ níbi tí ojú ò tó, kó tẹ bọ́tìnì, bí wọ́n bá sì fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́, kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà kó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2020, Google sọ pé àwọn ti mú áàpù bí 1,700 tó jẹ́ ti ìdílé yìí kúrò lórí àtẹ wọn. Áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe, èyí tó ń yí àwòrán ẹ̀yìn fóònù padà, èyí tó ń tan iná tọ́ọ̀ṣì, irú aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ nìyẹn.

Ní irú ìgbà yẹn, yíyọ áàpù dànù wúlò, àmọ́ ó ní bí a ṣe ń tò ó. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú `Settings`, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Permission manager` sí, ẹ wo `SMS`. Gbogbo áàpù tó láṣẹ láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín ló wà níbẹ̀. Áàpù tí a fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ gan-an ní ìdí láti wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ò ní. Ẹ tún wo `Notification access`, nítorí àwọn kan máa ń ti ibẹ̀ ka nọ́ńbà àṣírí. Èyí tí kò bá yé yín ohun tó wá ṣe, ẹ yọ ọ́. Ìgbà tí ẹ bá ti yọ ọ́ tán ni kí ẹ tó padà sórí *305# láti yọ ìforúkọsílẹ̀ tuntun náà, torí bí áàpù yẹn bá ṣì wà nílẹ̀, yóò tún un ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́.